Ẹsẹ̀ rọ́ lórí pápá: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá iṣan ló fà tàbí okùn eegun ló já

Ì báà jẹ́ àwọn tó ń sáré nínú pápá ìṣeré ìlú Òṣogbo, ì báà jẹ́ àwọn tó ń gbá móńkì pósì nínú ọgbà ilé-ìwé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ́: "Iṣan ẹ̀ ti fà." Ká tó ṣẹ́jú, ẹnì kan ti sáré mú ìpara gbígbóná dé, ẹlòmíràn ti di gìgísẹ̀ náà mú, ó fẹ́ fà á kó lè "padà sípò." Èmi tí mo ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù kò fara mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ bá yí sínú, tí ìrora sì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ gan-an, iṣan kọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Okùn tó so eegun mọ́ eegun ni. Ṣùgbọ́n "sábà" ni mo wí o. Èyí tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò fi ní jẹ́ àbá lásán.

Ohun tó wà lábẹ́ awọ

Ẹ fọwọ́ kan eegun róbótó tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ yín, èyí tí à ń pè ní kókósẹ̀. Ọ̀kan wà níta, ọ̀kan wà nínú. Kò sí ẹran níbẹ̀. Ẹran tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun àti lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ orúnkún. Bó bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ló ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, títí yóò fi di okùn líle tó lọ lẹ̀ mọ́ eegun àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó nípọn jù nínú wọn ni ti ẹ̀yìn gìgísẹ̀, tí ẹ lè fi ìka méjì mú, òun ni màá máa pè ní okùn gìgísẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, láti orí ẹran dé ibi tó ti lẹ̀ mọ́ eegun, ni màá máa pè ní iṣan níhìn-ín. Iṣẹ́ iṣan ni láti fà, kí eegun lè gbéra.

Okùn eegun, tí àwọn dókítà ń pè ní lígámẹ́ǹtì, kò lè fa ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ńṣe ló di eegun méjì mú kí oríkèé má bàa yà kọjá àyè rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n ní kókósẹ̀ ìta: ọ̀kan gba iwájú lọ, ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ lọ bá eegun gìgísẹ̀, ọ̀kan gba ẹ̀yìn. Ti iwájú ni kò lágbára tó àwọn yòókù, òun ló sì ń kọ́kọ́ jìyà bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yí sínú nígbà tí ọmọ ìka ń wo ilẹ̀. Ti kókósẹ̀ inú nípọn, ó sì gbòòrò, ìdí nìyẹn tí ìpalára rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ fura sí eegun pẹ̀lú.

Iṣan ń fà, okùn eegun kì í fà. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àyẹ̀wò tó ń bọ̀ yìí ti jáde.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀

Ẹ gbé ẹni náà kúrò lójú eré. Bí ẹsẹ̀ náà bá wọ́, tí eegun yọ síta, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tutù, tó funfun, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, àyẹ̀wò parí síbẹ̀. Ẹ má bọ́ bàtà, ẹ má nà án. Ẹ di igi tàbí páálí mọ́ ọn bó ṣe wà, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ tú okùn bàtà pátápátá, kẹ́ ẹ rọra bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ kó tó wú.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi í léèrè ohun tí ẹsẹ̀ náà ń ṣe lásìkò tó dùn ún. Ẹni tó fò sókè gbá bọ́ọ̀lù lórí, tó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, tàbí tó tẹ ihò, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú, okùn eegun ìta la kọ́kọ́ ń fura sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sáré gbéra, tó ní òun rò pé wọ́n gbá òun lẹ́yìn ẹsẹ̀, tó bojú wẹ̀yìn tí kò rí ẹnì kan, iṣan ẹ̀yìn ojúgun tàbí okùn gìgísẹ̀ ni. Ti ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbọn-in sílẹ̀, tí ara rẹ̀ sì yí lórí ẹsẹ̀ náà nígbà tí wọ́n ń du bọ́ọ̀lù, tún yàtọ̀. Màá padà sórí rẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn gbọ́ tó dún "pó." Ẹ má fi ìyẹn dájọ́. Okùn eegun tó já lè dún, iṣan tó já lè dún, eegun tó kán náà lè dún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìka kan ṣoṣo

Ẹ ní kó fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó dùn ún jù, kó má fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo ọrùn ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò yìí rọrùn ju gbogbo èyí tó kù lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí ìka rẹ̀ bá lọ sí ibi rírọ̀ tó wà níwájú kókósẹ̀ ìta, sísàlẹ̀ díẹ̀, okùn eegun iwájú nìyẹn. Bí ó bá lọ sábẹ́ ṣóńṣó kókósẹ̀, okùn kejì ni. Bí ó bá wà lẹ́yìn kókósẹ̀ ìta, tó sì ń gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojúgun, iṣan méjì kan ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ló ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ síta. Bí ó bá wà láàárín ẹran ẹ̀yìn ojúgun, iṣan ni, kò sí okùn eegun níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀yin náà yóò wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dùn ún, ẹ fi ibi tó dùn jù ṣe ìkẹyìn, torí bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ mú un pariwo, gbogbo ibi ni yóò máa dùn ún. Eegun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ tẹ etí ẹ̀yìn kókósẹ̀ ìta láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sókè, bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀, tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ ṣe bákan náà fún kókósẹ̀ inú. Ẹ wá tẹ eegun tó yọ díẹ̀ ní àárín etí ìta àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí eegun ọmọ ìka kékeré ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ eegun tó wà lókè ikùn àtẹ́lẹsẹ̀, níwájú kókósẹ̀ inú. Ibi mẹ́rin yìí ṣe pàtàkì, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kó ti ọwọ́ yín, ẹ má jẹ́ kó lọ

Ibí ni iṣan àti okùn eegun ti ń yà sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí orúnkún rẹ̀ ká, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ láìfara kan ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di ojúgun rẹ̀ mú, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kejì sí etí ìta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé: "Ti ọwọ́ mi síta díẹ̀díẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó lọ." Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára kékeré, kó máa fi kún un fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún.

Ohun tó mú kí àyẹ̀wò yìí ṣiṣẹ́ ni pé oríkèé kò kúrò lójú kan. Bí oríkèé kò bá ti yí, okùn eegun kò nà, kò sì ní ohun tó yẹ kó máa dùn ún. Iṣan nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ó bá ti ọwọ́ yín dáadáa tí kò sì dùn ún tó bẹ́ẹ̀, iṣan ìta kò ní nǹkan ṣe. Bí ó bá dùn ún lẹ́yìn kókósẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, tí agbára rẹ̀ sì kéré sí ti ẹsẹ̀ kejì, iṣan ló fà. Ẹ máa fi wé ẹsẹ̀ kejì nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ má baà máa méfò.

Ẹ ṣe é bákan náà sínú, sókè, àti sísàlẹ̀. Bó bá ń ti ọwọ́ yín sísàlẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìyẹn bá dùn ún ní àárín ẹran náà, ẹ ti mọ ibi tó wà.

Àyẹ̀wò yìí ní ààlà. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìrora àti ẹ̀rù lè dí iṣan tí kò ní nǹkan ṣe lọ́wọ́, kó má lè ti ohunkóhun. Bí àbájáde rẹ̀ kò bá yé yín lójú pápá, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kó dẹ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fúnra yín yí i

Ó wá di òdìkejì. Kó dẹ ẹsẹ̀ náà pátápátá, kó má ràn yín lọ́wọ́. Ẹ rọra yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sínú, díẹ̀ péré, kẹ́ ẹ dúró níbi tó bá ti ní ó dun òun. Báyìí, okùn eegun ti nà. Bí ó bá dùn ún níwájú kókósẹ̀ ìta tàbí lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Mo ní "fẹ́rẹ̀ẹ́" torí pé iṣan ìta náà máa ń nà bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yí sínú, bó bá sì ti ní ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, yóò dùn. Àyẹ̀wò kẹrin nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ ìkẹta. Bí ó bá dùn nígbà tí ẹ̀ ń yí i, tí kò dùn nígbà tó ń ti ọwọ́ yín, okùn eegun ni. Bí méjèèjì bá dùn, tí ìrora sì ń tẹ̀ lé ojú ọ̀nà iṣan lẹ́yìn kókósẹ̀ tàbí lókè, iṣan ni. Bí méjèèjì bá dùn, tí ibi tó dùn jù sì jẹ́ orí eegun, ẹ má pè é ní iṣan tàbí okùn eegun títí tí wọn yóò fi ya àwòrán rẹ̀.

Eegun ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ eegun ló yẹ kó máa ba ènìyàn lẹ́rù ju ìyàtọ̀ iṣan àti okùn eegun lọ. Ní 1992, àwọn dókítà kan ní ìlú Ottawa, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, gbé òfin kan jáde tí àwọn dókítà kárí ayé ń lò títí dòní láti mọ ẹni tó nílò ẹ́ksíréè. Bí ìrora bá wà ní agbègbè kókósẹ̀, tí etí ẹ̀yìn tàbí ṣóńṣó ọ̀kan nínú kókósẹ̀ méjèèjì bá sì dùn bí a bá tẹ̀ ẹ́, kó lọ ya àwòrán. Bí ìrora bá wà ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀, tí eegun ìdí ọmọ ìka kékeré tàbí ti òkè ikùn àtẹ́lẹsẹ̀ bá dùn, kó lọ ya àwòrán. Ibi mẹ́rin tí mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Èyí tó kẹ́yìn ni pé bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó fara pa àti nígbà tó dé ilé ìwòsàn, kó ya àwòrán. Kó tiro kò burú. Bó bá sáà ti lè gbé ẹrù ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rìn.

Ẹ má fi òfin yìí dá ọmọdé padà sílé, torí ibi tí eegun ọmọdé ti ń dàgbà rọ̀ ju okùn eegun rẹ̀ lọ, ó sì lè kán níbi tí ti àgbàlagbà ì bá kàn rọ́. Ẹ má fi dá ẹni tó ti mutí yó padà, tàbí alárùn àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìrora dáadáa mọ́.

Eegun ìdí ọmọ ìka kékeré yẹn ní ẹ̀tàn kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ọ̀kan nínú iṣan méjì tó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ ìta kọjá, orí eegun yìí ló lẹ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá yí sínú lójijì, ìfàgbára ibẹ̀ lè yọ èérún eegun kúrò. Ẹni náà yóò ti ọwọ́ yín síta, yóò dùn ún, ẹ ó sì sọ pé iṣan ló fà. Òótọ́ ni pé ìrora wà níbi tí iṣan ti lẹ̀ mọ́ eegun, ṣùgbọ́n eegun ló kán. Bẹ́ ẹ bá tẹ eegun náà lẹ́yọ kan ni yóò ti hàn.

Bó ṣe rí lára ọmọkùnrin kan

Ọmọkùnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 22, wíńgì ọ̀tún ló ń gbá. Nígbà ọyẹ́ ni, lórí pápá ilé-ìwé kan ní apá Òkè-Baálẹ̀. Ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán, ihò tí àgbàrá gbẹ́ nígbà òjò kò tíì dí. Ó fẹ́ dá bọ́ọ̀lù dúró létí pápá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sínú ihò, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú, ó sì ṣubú. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti ní iṣan ti já, wọ́n sì ti ń bèèrè ẹni tó mọ ilé teguntegun.

Mo ní kó fi ìka kan tọ́ka. Iwájú kókósẹ̀ ìta ni. Mo tẹ etí ẹ̀yìn kókósẹ̀ méjèèjì, kò ṣe é ní nǹkan. Eegun ìdí ọmọ ìka kékeré, "Ó ń rò mí díẹ̀, bọ̀ọ̀dá, àmọ́ kò dùn mí bíi tòkè yẹn." Mo tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo tẹ ibi rírọ̀ iwájú yẹn, ó di apá mi mú.

Ó kan ti pé kó ti ọwọ́ mi. Kò lè tì í rárá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ kó jẹ́ iṣan yóò ti rí ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìrora lójú ọ̀nà iṣan náà, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ẹ̀rù ló ń bà á, nítorí náà mo ní ká fi ìyẹn di ọ̀la. A gbé e dìde, ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, lẹ́yìn náà mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó tiro, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Láàárín ìdajì wákàtí, iwájú kókósẹ̀ ti yọ kókó tó tó ẹyin adìẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwú ti kárí ọrùn ẹsẹ̀. Mo tún ní kó ti ọwọ́ mi síta, ó sì tì í dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì. Mo ní kó dẹ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, mo rọra yí i sínú, ó pariwo, ibi kan náà ló tún tọ́ka sí. Okùn eegun iwájú ni.

Lọ́jọ́ kẹta ni màmá rẹ̀ pè mí pé àwọ̀ dúdú ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka ọmọ òun, pé ṣé kì í ṣe pé ẹsẹ̀ náà ti ń jẹrà. "Rárá, Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ tó dà sábẹ́ awọ ló ń wá ìsàlẹ̀ lọ." Ìdí nìyẹn tí n kì í fi àwọ̀ dúdú mọ ibi ìpalára. Ẹ̀jẹ̀ ti ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó fà náà lè sọ̀kalẹ̀ wá sí ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kó sì mú ẹni tí kò bèèrè ọ̀rọ̀ rò pé ọrùn ẹsẹ̀ ló rọ́. Ibi tó kọ́kọ́ wú ní wákàtí àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ gbàgbọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, físíò kan fi ọwọ́ kan di ojúgun rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì rọra fa gìgísẹ̀ rẹ̀ síwájú, láti mọ bóyá oríkèé náà ń yọ̀ ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ. Ó yọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró níbì kan. Okùn náà ti ya lápá kan, kò já tán. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ṣe èyí, ẹ má sì jẹ́ kó ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ìwú àti ìrora kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ òótọ́. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ló dára jù.

Méjì tó ń fara pamọ́

Mo ní màá padà sórí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sílẹ̀ tí ara rẹ̀ yí. Okùn kan wà lókè oríkèé tó di eegun méjèèjì ti ojúgun mọ́ra wọn. Bí ó bá ya, kì í wú púpọ̀, wọ́n á sì ní ìpalára kékeré ni. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún eegun ojúgun méjèèjì pọ̀ ní àárín ojúgun, lókè jìnnà sí ibi tó ń dùn. Bí ó bá dùn ún nísàlẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Kó má tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kó lọ rí dókítà, torí ó máa ń pẹ́ ju ìrọ́sẹ̀ lásán lọ.

Èkejì ni okùn gìgísẹ̀ tó já. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó dojú bolẹ̀ lórí tábìlì tàbí bẹ́ǹṣì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá etí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mi, kó tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ti ẹsẹ̀ tó dára bá mi, tí ti èyí kò mi, okùn gìgísẹ̀ ti já, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà. Kó má tan yín jẹ pé ó ṣì ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, iṣan mìíràn ló ń ṣe ìyẹn.

Iṣan àti okùn eegun tún lè jọ fara pa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àyẹ̀wò ìkẹta bá dùn lójú ọ̀nà iṣan, tí ìkẹrin sì dùn níwájú kókósẹ̀, ẹ gba méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n èyí tó le jù tọ́jú rẹ̀.

Ohun tó yí padà nínú ìtọ́jú

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ jọra fún méjèèjì. Àpò píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, tí a fi aṣọ wé, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta ẹ tún un ṣe. Ẹ má gbé yìnyín lé awọ lásán. Ẹ fi báńdéèjì tó ń nà wé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka lọ sókè. Bí ọmọ ìka bá tutù tàbí tó ń ta á, ẹ tú u. Kó gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí, kó ga ju àyà rẹ̀ lọ. Ìpara gbígbóná, omi gbígbóná, ọtí, àti fífi àdí wọ́ ọ mọ́lẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ lásìkò yìí, torí wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i lábẹ́ awọ. Fífa ẹsẹ̀ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀: okùn tó ya lápá kan lè tipa bẹ́ẹ̀ já tán, eegun tó kán lójú kan lè yẹ̀ kúrò. N kò ní kí ẹnikẹ́ni kórìíra teguntegun, àmọ́ kò sẹ́ni tó yẹ kó di igi mọ́ ẹsẹ̀ tó ń wú lọ́wọ́ tó fi máa ń fún un pinpin. Ẹ̀jẹ̀ lè ṣíwọ́ lílọ sí ọmọ ìka, ẹsẹ̀ sì lè tibẹ̀ bọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà pínyà. Okùn eegun fẹ́ kí a dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ yíyí sínú. Kó máa rìn bí ìrora bá ṣe gbà á láyè, kó wọ ohun ìdìsẹ̀ tó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò láìyí i. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kó máa dúró lẹ́sẹ̀ kan, ìṣẹ́jú-àáyá 30 lẹ́ẹ̀kan, kó kọ́kọ́ la ojú, lẹ́yìn náà kó di ojú. Ọ̀pọ̀ ń fo apá yìí, ẹsẹ̀ kan náà ló sì ń rọ́ lọ́dọọdún, torí okùn tó ya kì í tètè sọ fún ara mọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀.

Iṣan kò nílò ìdìsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni nínà án jù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti sísáré kó tó jinná. Kó kọ́kọ́ máa ṣe irú títì tó wà ní ìgbésẹ̀ kẹta, láìjẹ́ kó dùn ún. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, kó máa gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà lẹ́sẹ̀ kan. Iṣan ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ju okùn eegun lọ, nítorí náà èyí tó fà díẹ̀ sábà máa ń tètè sàn.

Fún okùn eegun tó kàn nà, ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Fún èyí tó ya lápá kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó já tán lè gba oṣù mélòó kan. Bí ọjọ́ márùn-ún sí méje bá kọjá tí kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tó bá ṣì ń wú, tó ń há, tàbí tó ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Àsùbíàrò tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó sì sọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe yí àti ohun tí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan fi hàn.

Wíńgà tiwa padà sórí pápá ní ọ̀sẹ̀ keje, pẹ̀lú ìdìsẹ̀. Kí n tó jẹ́ kó wọlé, mo ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sáré kó sì yí padà lójijì sọ́tùn-ún àti sósì. Ó fẹ́ kí n fojú fo ti ẹ̀gbẹ́. Mo kọ̀, torí ẹ̀gbẹ́ gan-an ni okùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́.